Ìbéèrè wọn wà nínú ìpolówó iṣẹ́

Ìbéèrè: Ìpàjà ni mò ń gbé. Ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, iṣẹ́ olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí. Ìpolówó wọn ní kí ẹni náà lè dín àdánù ọjà kù, kí ó sì mọ Excel. Mo kọ sínú síìfíì mi pé mo dín àdánù kù ní ìdá 20 nínú 100. Kí ni wọn yóò bi mí?

Ìdáhùn: Gbólóhùn yẹn gan-an ni, nítorí ó bá ohun tí wọ́n ń wá mu. Wọn yóò bi ọ́ pé láti iye wo sí iye wo? Bí páálí 50 bá ń sọnù lóṣù, tó wá di 40, ìdá 20 nìyẹn. Lẹ́yìn náà: ta ló ka ọjà? Ṣé olè ni, àbí ọjà tó bàjẹ́, àbí ìwé tí a kọ ṣì? Kí ni ìwọ fúnra rẹ ṣe? Bí o bá ní ọjà tó kọ́kọ́ wọlé lo ń jẹ́ kó kọ́kọ́ jáde, wọn yóò bi ọ́ bí o ṣe ń sàmì sí i.

Ní ti Excel, wọ́n lè gbé kọ̀ǹpútà fún ọ, kí o ro iye ọjà kan pọ̀ níṣojú wọn. Fi `SUMIF` dánra wò nílé.

Wọn yóò tún wo àdírẹ́sì rẹ. Mọ bí o ṣe máa la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìyànà Ìpàjà kọjá láràárọ̀.

Bí ẹ bá pọ̀ tí ẹ jọ dín àdánù náà kù, jọ̀wọ́, sọ ipa tìrẹ nìkan.