Lẹ́tà Babaláwo sí Ọmọbìnrin tí Ó Bèèrè nípa Ìdána

Ọmọbìnrin tí a kọ lẹ́tà yìí sí bi Ifá léèrè bóyá kí ó gbà fún ìdána, ìyẹn ayẹyẹ tí ẹbí ọkọ fi ń tọrọ ìyàwó lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀. Lẹ́yìn tí odù jáde, ìbò ni babaláwo fi wádìí: owó ẹyọ dúró fún ire, egungun dúró fún ibi, a sì da ọ̀pẹ̀lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé èyí tí odù rẹ̀ bá jẹ́ àgbà ni Ifá mú. Owó ẹyọ ló kọ́kọ́ borí, ire ọkọ sì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bèèrè bóyá ire náà pé, Òdí Méjì jáde fún owó ẹyọ, Ìwòrì Méjì sì jáde fún egungun. Ìwòrì ni ẹ̀gbọ́n Òdí, nítorí náà ire náà kò tíì pé, ìwádìí sì fi hàn pé ìjà láàárín ẹbí ni ó dí i.

Ìdáhùn méjèèjì kò tako ara wọn: èkíní sọ ire tí ó wà lọ́nà, èkejì sọ ohun tí ó lè dá a dúró. Ifá kò sọ pé ìgbéyàwó náà yóò ṣẹ dandan, babaláwo tí ó bá sì ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀, àdábọwọ́ ara rẹ̀ ló sọ. Kí ọmọ náà rú ẹbọ tí a kà fún un, kí ó sì jókòó ti àwọn àgbà ẹbí méjèèjì láti gbọ́ ohun tí ń dùn wọ́n, kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìdána.