"Yọjú Sí I!": Ọ̀rọ̀ Tí Ẹsẹ̀ Ọmọdé Lè Tẹ̀ Lé Lórí Pápá

Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù, básíkẹ́ẹ̀tì àti họ́kì, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn: ẹgbẹ́ kan gbọ́dọ̀ wọ ilẹ̀ ẹgbẹ́ kejì kó tó lè jẹ ayò. Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kẹrin sí ìkẹfà mọ̀ nípa irú eré bẹ́ẹ̀: kó lè dá ibi tó ṣófo mọ̀ lórí pápá, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ máa lo pápá láti etí kan dé èkejì, kí ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ má sì dá wà. Olùkọ́ tó bá fẹ́ kọ wọ́n sínú ìwé ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ ní Yorùbá yóò kọ àyè, ìbú àti ìtìlẹ́yìn. Kò sí èyí tó jẹ́ àṣìṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Síbẹ̀, èrò mi ni pé ọ̀kan nínú wọn ń ṣi ọmọ lọ́nà, ọ̀kan kò ràn án lọ́wọ́ tó, èyí tó kù sì dára ju bí a ṣe ń lò ó lọ. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ lórí pápá, ẹsẹ̀ ni yóò dá a lóhùn, nítorí náà ohun tí ẹsẹ̀ bá ṣe lẹ́yìn tó gbọ́ ọ ni ká fi wọ̀n ọ́n.

Ìtìlẹ́yìn ló ń ṣini lọ́nà. Ẹ̀yìn wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kò sì fara pa mọ́ rárá. Ọmọ tí a bá sọ fún pé kó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn yóò lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀, tàbí kó sún mọ́ ọn débi pé alátakò kan ṣoṣo lè dí àwọn méjèèjì lọ́nà. Kì í ṣe pé kò gbọ́ràn. Ohun tó gbọ́ ló ṣe. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn alátìlẹ́yìn tí ọmọ náà mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni àwọn tó jókòó síbi ìwòran, tí wọ́n ń pariwo, tí wọ́n ń wọ aṣọ ẹgbẹ́, tí wọn kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù títí eré fi parí. "Dúró tì í" kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ìdúró gan-an ni a kò fẹ́. Ohun tí a ń wá ni kí ọmọ kúrò níbi tí ojú ẹni tó ni bọ́ọ̀lù kò ti tó o, kó bọ́ síbi tí bọ́ọ̀lù ti lè tọ̀ ọ́ wá láìkọlu ẹnikẹ́ni.

Èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ fún un tipẹ́: yọjú. Ẹni tó bá ní "mo máa yọjú sí ọ" ti ṣèlérí pé òun yóò dé ibi tí o ti lè rí òun. Kò sọ pé òun yóò wá so mọ́ ọ lọ́rùn. Nínú ọ̀rọ̀ kan yẹn, ìrìn wà níbẹ̀, ojú wà níbẹ̀, ẹni tí a ń lọ bá náà sì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dán an wò nínú eré kékeré kan tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ eré ìdárayá mọ̀. Fi òkúta mẹ́rin sàmì sí igun mẹ́rin ilẹ̀ kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ìṣísẹ̀ 10. Ọmọ mẹ́ta yóò máa ju bọ́ọ̀lù síra wọn láti igun sí igun, ẹnì kẹrin yóò wà láàárín láti já a gbà. Ká ní bọ́ọ̀lù wà ní igun kìíní, àwọn méjì tó kù sì wà ní igun kejì àti igun kẹrin. Ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀, alátakò kan kò sì lè dí méjèèjì. Bọ́ọ̀lù wá lọ sí igun kejì. Ẹni tó jù ú ṣì wà ní igun kìíní, ó sì ṣeé rí. Ọmọ tó wà ní igun kẹrin ni wàhálà wà lọ́dọ̀ rẹ̀: igun tó dojú kọ igun kejì ló bá ara rẹ̀ báyìí, alátakò sì dúró sáàárín wọn. Bí a bá tan tọ́ọ̀ṣì láti ọwọ́ ẹni tó mú bọ́ọ̀lù, inú òjìji alátakò ni ọmọ yìí yóò wà. Ó gbọ́dọ̀ sáré lọ sí igun kẹta, ọ̀nà yóò sì tún di méjì. Ẹni tí wọn kò ju bọ́ọ̀lù sí ló gbọ́dọ̀ sáré, èyí gan-an ni ọmọdé kì í fura sí, torí ó rò pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá òun. Bí olùkọ́ bá ké "Tì í lẹ́yìn!", ọmọ náà ò ní mọ ibi tí yóò gbà. Bí ó bá ké "Yọjú sí i!", ó ti mọ̀ pé inú òjìji lòun wà, ibi kan ṣoṣo ló sì kù tí òun lè sá sí. (Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù pé ayọjúràn ni a ń kọ́ wọn. Ayọjúràn ń dé ibi tí wọn kò ti ń retí rẹ̀, ọmọ yìí ni wọ́n ń wá.)

Àwọn kan yóò ní kí ọmọ kọ́kọ́ mọ bọ́ọ̀lù gbá ná, pé ọgbọ́n ibi tí a ń dúró sí lè tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ó sì ní ìdí. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1982 ni David Bunker àti Rod Thorpe, olùkọ́ ní Yunifásítì Loughborough nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ àpilẹ̀kọ tó yí ètò náà padà: kí ọmọ kọ́kọ́ ta eré tí a ti gé kéré, kí ìbéèrè tẹ̀ lé e nípa ohun tó rí nínú rẹ̀, kí ó tó wá kan bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù tàbí bí a ṣe ń jù ú. Òótọ́ ni pé ọmọ tí bọ́ọ̀lù ń sá kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò lè gbójú sókè wo ẹni tó yọjú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n fi ọwọ́ jù ú nínú eré igun mẹ́rin yìí. Ọwọ́ ọmọ kíláàsì kẹrin ti mọ̀ ọ́n jù tó fún ìṣísẹ̀ 10, ojú rẹ̀ yóò sì ráyè ṣiṣẹ́. Òfin bọ́ọ̀lù àfọwọ́jù tún fún wa ní òṣùwọ̀n tó rọrùn: ẹni tó mú bọ́ọ̀lù kò gbọ́dọ̀ dì í mú ju ìṣẹ́jú-àáyá 3 lọ. Kí olùkọ́ máa kà á sókè, "ení, èjì, ẹ̀ta." Bí iye náà bá ń pé lọ́wọ́ àwọn ọmọ lemọ́lemọ́, kí olùkọ́ má tíì bá ẹni tó di bọ́ọ̀lù mú wí. Kó kọ́kọ́ wo àwọn méjì tó kù.

Ìbú ni ọ̀rọ̀ kejì. Ọmọ mọ̀ ọ́n láti inú ìṣirò, níbi tí pápá ti ní òòró àti ìbú, a sì ń sọ tìbú-tòòró láti fi sọ pé ohun kan kárí. Àléébù rẹ̀ kọ́kọ́ hàn nínú àkọsílẹ̀: bí olùkọ́ kò bá fi àmì ohùn sí i, kò sí ohun tó ya ìbú pápá sọ́tọ̀ kúrò lára ibú omi. Àléébù tó tóbi jù ni pé kò sí ẹni tó lè sáré lọ sí ìbú. Ohun tí a sábà máa ń ké dípò rẹ̀ ni "Ẹ fọ́n ká!", èyí náà sì ní ewu tirẹ̀. Ohun tó fọ́n ká kì í ní ibi pàtó tó ń lọ, àwọn ọmọ yóò sì sá jìnnà débi tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ti lè gbé bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ wọn. Etí ló yẹ ká lò. Etí odò, etí ìlú, etí aṣọ: ibi tí a lè nàka sí ni gbogbo wọn. "Ẹnì kan sí etí ọ̀tún, ẹnì kan sí etí òsì" ṣe kedere fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Eré tó ń fi èyí hàn ni ọmọ mẹ́rin sí mẹ́rin, lórí ilẹ̀ tó gùn tó ìṣísẹ̀ 30, tó sì fẹ̀ tó 20. Dípò ojú ilé kan ní orí kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣe méjì kéékèèké, ọ̀kan nítòsí igun kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ta á láìsọ nǹkan kan. Wọn yóò ṣù bo bọ́ọ̀lù níwájú ojú ilé kan, ojú ilé kejì yóò sì ṣófo gbáá. Kí olùkọ́ fọn fèrè, kí kálukú dúró gbagidi síbi tó wà, kí wọ́n na apá. Bí ọwọ́ ọ̀pọ̀ wọn bá kan ara wọn, wọ́n ti ṣù pọ̀ jù, àwọn fúnra wọn yóò sì rí i. Lẹ́yìn náà ni "etí" yóò wọlé, wọn yóò sì rí i pé bí ẹnì kan bá wà ní etí kọ̀ọ̀kan, yóò nira fún alátakò mẹ́rin láti ṣọ́ ojú ilé méjèèjì. Àmọ́ kì í pẹ́ tí àṣejù fi máa ń dé. Ọmọ á lọ kàn mọ́ etí ìlà, kò ní kúrò níbẹ̀ kódà nígbà tí bọ́ọ̀lù bá sọnù sọ́wọ́ alátakò. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá jẹ́ tiwa ni etí wúlò. Nígbà tó bá di tiwọn, inú ni ká rọ́ wá. Kí ìpè méjèèjì máa tẹ̀ lé ara wọn láti ọjọ́ kìíní: "Tiwa ni, sí etí!" "Tiwọn ni, wá sínú!"

Àyè ló kù, òun ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn kan ń kọ ọ́ ní ààyè, ṣùgbọ́n ó sàn ká fi ààyè sílẹ̀ fún ohun tí kò kú, ká sì máa kọ àyè fún ibi tó ṣí sílẹ̀. Olùkọ́ sábà máa ń béèrè pé "Níbo ni àyè wà?", àwọn ọmọ á sì nàka sí igun pápá tó jìnnà jù lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni kò wà lóòótọ́ ṣùgbọ́n tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ yí ìbéèrè náà padà sí "Ta ló ráyè?" Èdè wa kò ya àyè ilẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àyè àkókò: ẹni tí kò ráyè lè jẹ́ ẹni tí wọ́n há mọ́, ó sì lè jẹ́ ẹni tí kò ní àkókò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí lórí pápá. Ọmọ tí alátakò jìnnà sí díẹ̀ ló ní àkókò láti gba bọ́ọ̀lù, láti gbójú sókè, láti yan ẹni tí yóò fún. Ìbéèrè yìí tún mú kí wọ́n rí i pé àyè kì í dúró sójú kan. Bí Bọ́lá bá sáré kúrò láàárín tí alátakò sì tẹ̀ lé e, ibi tó ti kúrò ṣí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, Bọ́lá sì ti la àyè láìfọwọ́ kan bọ́ọ̀lù.

Àtakò tó le jù ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ yìí yóò fi ṣe ìdánwò, àti pé Gẹ̀ẹ́sì ni a sábà máa ń fi kọ́ni ní kíláàsì kẹrin sí ìkẹfà. Mi ò ní kí a má kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà. Bọ́ọ̀lù, páàsì àti góòlù ti di ọmọ ilé, kò sì sí ìdí láti lé wọn. Ṣùgbọ́n ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ títí wọ́n fi parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti fi hàn pé ọmọ tó kọ́kọ́ fi èdè rẹ̀ lóye nǹkan kì í tìtorí bẹ́ẹ̀ rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹlòmíràn lè ní yọjú kì í ṣe ọ̀rọ̀-orúkọ, pé a kò lè fi í kọ àkọlé ẹ̀kọ́. Ìyẹn ò le: ẹ fi ì síwájú rẹ̀, ó di ìyọjú, bí rìn ṣe di ìrìn. Kìkì pé kí ó má ṣáájú eré. Kí àwọn ọmọ ta eré igun mẹ́rin tán, kí wọ́n ti ké "yọjú" síra wọn títí ohùn wọn fi há, kí olùkọ́ tó kọ ìyọjú sójú pátákó, kó sì kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ìdánwò yóò béèrè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.