Ohùn Ń Ṣáájú Ẹnu

Ìbéèrè: Kámẹ́rà méjì la fi ń gbé ìgbéyàwó sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, láti inú míksà la sì ti ń gba ohùn. Kí ló dé tí ohùn pásítọ̀ fi ń ṣáájú ẹnu rẹ̀?

Ìdáhùn: Àwòrán ló ń pẹ́ lọ́nà. Wáyà ohùn ń wọ kọ̀ǹpútà tààrà, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ní iṣẹ́ tó ń ṣe lórí àwòrán kó tó fi ránṣẹ́. Kí àlejò tó dé, kí ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan nídìí máíkì, kí kámẹ́rà méjèèjì máa wò ó, kí ẹ sì gbà á sílẹ̀ nínú OBS. Ẹ wo fídíò náà ní fírémù kọ̀ọ̀kan. Ká ní fírémù 30 lẹ ń lò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ohùn sì fi fírémù 4 ṣáájú ìgbà tí ọwọ́ pàdé, mìlísẹ́kọ́ńdì 133 nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sí Sync Offset ti míksà, nínú Advanced Audio Properties. Ẹ pa ohùn kámẹ́rà méjèèjì pátápátá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ á máa dún lẹ́ẹ̀mejì.

Bí kámẹ́rà kan bá yá ju èkejì lọ, ẹ kọ́kọ́ fi Video Delay (Async) dá èyí tó yá dúró. Èyí tó pẹ́ ni kí ẹ fi ṣe ìṣirò ohùn.