Ìfura Nìkan Kò Tó

Ìfura loògùn àgbà. Ta ni ò mọ ìyẹn? Síbẹ̀, ìyá kan tó ń ta gààrí ní Ìdọ̀fin fura dáadáa, ₦15,000 rẹ̀ ṣì wọgbó.

Àtẹ̀jíṣẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé pé nọ́ńbà rẹ̀ ti jẹ ₦2,000,000. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan pè, ó ní kí ó ra káàdì ìpè ₦1,500 mẹ́wàá, kí ó ha wọ́n, kí ó sì ka nọ́ńbà wọn fún òun. Ó wá fi kún un pé: "Màmá, ẹ má sọ fẹ́nikẹ́ni o, wọ́n á gbà á mọ́ yín lọ́wọ́."

Ibẹ̀ ni ìfura ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọmọ tó ń ta káàdì béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi mẹ́wàá ṣe, màmá ní àlejò ló rán òun. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ń fi owó ẹyọ ha káàdì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ì bá gbà wọ́n ni wọ́n fura sí. Inú bí mi, nítorí oògùn àgbà gan-an ni olè náà fi mú wọn.

Ẹ wo ìdí tó fi jẹ́ káàdì ló béèrè. Bí ẹ bá fi owó ránṣẹ́ sí báǹkì, orúkọ ẹni tó gbà á wà níbẹ̀. Káàdì kì í béèrè orúkọ: ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ ló ni ín.

Mo bi màmá pé, "Ṣé ẹ wọ ìdíje kankan ni?" Wọ́n ní, "Ṣebí mò ń ra káàdì!" Ẹjọ́ wọn kọ́, torí àwọn ìdíje kan wà tó jẹ́ pé káàdì tí èèyàn rà ló fi wọlé. Nítorí náà, "mi ò wọ ìdíje" kò parí ọ̀rọ̀. Ìwádìí ló ń parí rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà kọ́ lẹ ó pè, nítorí olè náà ni yóò gbé e. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó yọ lójú fóònù pàápàá, wọ́n lè yí i. 300 ni kí ẹ fúnra yín tẹ̀. Láti 2023 ni àjọ NCC ti sọ ọ́ di nọ́ńbà oníbàárà fún gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ béèrè orúkọ ìdíje náà, àti bóyá nọ́ńbà yín wà lára àwọn tó jẹ. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó kí ẹ tó gba ẹ̀bùn, ẹ pa fóònù.

Mo tẹ 300 níwájú màmá. Obìnrin tó gbé e ní kò sí ìdíje bẹ́ẹ̀. A ò tíì dìde tí ọkùnrin yẹn fi tún pè pé ó ku káàdì mẹ́rin, owó ọkọ̀ tí yóò gbé ẹ̀bùn wá. Màmá ò dá a lóhùn. Wọ́n na fóònù sí mi.