Ẹ Bèèrè Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Kó Oògùn fún Un

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kó oògùn fún aláìsàn láti Odòde títí dé Aládé ní Ìdànrè, ọ̀rọ̀ kan ló ń dùn mí lọ́kàn tí mo fi jókòó kọ èyí. Àgbẹ̀ oníkòkó kan ń lo oògùn ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, èyí tí a ń pè ní tíbì. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó o lóru. Ọ̀dọ́ kan gún un ní abẹ́rẹ́ díkílófẹ́nákì, ó ní làkúrègbé ni. Ó tún ní oògùn tíbì yẹn ti le jù fún bàbá, kí ó máa lo ìdajì. Ara tu bàbá fún ọjọ́ mélòó kan, ni wọ́n bá ń yin ọmọ náà lójú mi pé ọwọ́ rẹ̀ dá. Inú bí mi. Oògùn tó yẹ kí bàbá máa lò ló gé, èyí tó yẹ kó fún un kò sì fún un, nítorí pé kò béèrè ohun tó yẹ kó béèrè.

Mi ò ní kọ́ yín bí a ṣe ń ka káàdì tàbí bí a ṣe ń ka hóró. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ìgbésẹ̀ kan péré ni ẹ ń fò: ẹ kì í bi aláìsàn léèrè ohun tí oògùn ń ṣe lára rẹ̀.

Nínú àwọn oògùn ikọ́ ni aisoniásíìdì wà. Ẹ̀dọ̀ ló ń pa á dà kó tó lè kúrò lára, ẹ́nsáìmù tí wọ́n ń pè ní NAT2 ló sì ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí ẹ́nsáìmù yìí ṣe yá tàbí tó lọ́ra, inú ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá ni a ti ń jogún rẹ̀. Ní 1960, Price Evans àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn ẹbí lódindi ní oògùn yìí, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ wọn lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà. Ọ̀nà méjì gédégbé ni àwọn èèyàn náà pín sí: oògùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára àwọn kan, ó sì kù púpọ̀ lára àwọn yòókù. Lọ́dọ̀ tiwa ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn tí tiwọn lọ́ra súnmọ́ ìdajì wa.

Ẹ jẹ́ ká fi iye gbé e yẹ̀ wò. Ká ní ẹni méjì gba 300 mílígíráàmù láàárọ̀. Lára ẹni tí tirẹ̀ yá, ìdajì oògùn ń lọ ní nǹkan bíi wákàtí kan. Lára ẹni tó lọ́ra, ó lè tó wákàtí mẹ́ta kí ìdajì tó lọ. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, èyí tó kù lára ẹni àkọ́kọ́ kò tó 5 mílígíráàmù. Lára ẹnì kejì, nǹkan bíi 75 ló ṣì kù. Hóró kan náà ni wọ́n gbé mì, wákàtí kan náà ni wọ́n sì gbé e mì.

Oògùn tó pẹ́ lára bẹ́ẹ̀ máa ń so mọ́ fítámínnì B6, a sì máa kó o bá ìtọ̀ jáde. Iṣan tí ara fi ń mọ nǹkan lára kò lè ṣe dáadáa láìsí fítámínnì yìí, àwọn tó gùn jù ló sì ń kọ́kọ́ jìyà. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ-ìka ẹsẹ̀, ní ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí á sì máa gòkè bọ̀. Ó ń yára mú ẹni tí kò jẹun kánú, ọ̀mùtí, aboyún, onítọ̀ ṣúgà àti ẹni tó ní kòkòrò HIV. Làkúrègbé kì í ṣe bẹ́ẹ̀: oríkèé ló ń mú, ó lè jẹ́ orúnkún kan ṣoṣo, a sì máa wú, a máa dun èèyàn bó bá ń gun òkè. Ẹni tó bá bèèrè á mọ̀ ọ́n yàtọ̀ kíá.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Ìbàdàn, oníkọ́ kan kì í gba oògùn kó tó bọ́ bàtà. "Ẹ bọ́ bàtà, bàbá. Ẹ dijú." Ọ̀gá á fa owú tẹ́ẹ́rẹ́ kan, á fi kan orúnkún rẹ̀, á fi kan ọrùn ẹsẹ̀, á wá fi kan àtàǹpàkò. "Ibo ni mo fi kàn?" Bí bàbá bá dáhùn fún orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀, tó sì dákẹ́ nígbà tí owú dé àtàǹpàkò, ọ̀gá kì í sọ̀rọ̀, á kàn wò mí, èmi náà á sì lọ gbé agolo fítámínnì B6 wá. Lẹ́yìn náà ni á béèrè pé, "Ta ló ti lo oògùn yìí rí nínú ẹbí yín? Kí ló ṣe é?" Ọ̀gá ti lọ sílé. Ó ń dùn mí pé n kò rí ẹni tó ń bọ́ bàtà aláìsàn mọ́.

Bàbá oníkòkó yìí wọn 60 kílò. Hóró mẹ́rin ló tọ́ sí i nínú oògùn alápapọ̀, aisoniásíìdì 75 mílígíráàmù sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 300. Ẹni tó bá ní kó máa lo méjì ti gé gbogbo oògùn yòókù tó wà nínú rẹ̀ náà sí ìdajì. Kòkòrò ikọ́ á yè, á sì mọ oògùn dènà. Ẹ má ṣe gé e. Fítámínnì B6 ni ẹ fi kún un: 10 sí 25 mílígíráàmù lójúmọ́ kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, 50 sí 75 bó bá ti ń jó. Ẹ má sì kọjá bó ṣe yẹ, torí àpọ̀jù fítámínnì yìí fúnra rẹ̀ ń ba iṣan jẹ́. Mo kọ ìwé lé bàbá lọ́wọ́, mo dá a padà sí ibi tó ti ń gba oògùn ikọ́, kí wọ́n lè fi fítámínnì B6 kún un. Ṣùgbọ́n bí ojú aláìsàn bá pọ́n bí ìyeyè, tó ń bì, ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ nìyẹn: kó dá oògùn dúró, kó sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Kí ẹ má baà rò pé ẹni tó lọ́ra nìkan ni ewu wà fún, ẹ wo kodíìnì. Kodíìnì fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pa ìrora. Ẹ́nsáìmù mìíràn, CYP2D6, ló ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di mọfíìnì. Ẹni tí tirẹ̀ lọ́ra kì í rí ìtura, wọ́n á sì máa pè é ní òpùrọ́. Ẹni tí tirẹ̀ yá jù ń rí mọfíìnì púpọ̀ lójijì, oorun á gbé e, èémí rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀. Torí èyí ni àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fi kà á léèwọ̀ ní 2013 fún ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ bẹ́líbẹ́lí fún. Ní ilẹ̀ wa, oògùn ikọ́ olómi oníkodíìnì ni ìjọba fòfin dè ní 2018, nítorí àṣìlò. Hóró rẹ̀ ṣì ń dé ọwọ́ yín. Ẹ bèèrè kí ẹ tó fún un: ṣé oògùn ìrora kan ti gbé ẹ sun oorun àsùnwọra rí, tàbí kò ṣe nǹkan kan fún ẹ?

Ẹ má sì fi ìwé òyìnbó nìkan ṣe ìdíwọ̀n ara wa. Ní 1986, A. O. Iyun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn ọmọ Nàìjíríà wò lórí oògùn mẹ́tópírólọ́ọ̀lù, tí CYP2D6 yìí náà ń pa dà, wọn kò sì rí ìpínyà gédégbé tí wọ́n ti rí láàárín àwọn òyìnbó. A kò ní ẹ̀rọ tó ń yẹ àwọn ẹ́nsáìmù yìí wò ní Ìdànrè níbí. Ìbéèrè àti owú ni tiwa, wọn kò sì wọ́n.

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má ṣe kó oògùn ikọ́ lé aláìsàn lọ́wọ́ láìbéèrè pé, "Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?" Ẹni tí kò bá bèèrè, kí ó má ṣe gba ìyìn lórí iṣẹ́ náà.