Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Gbé Ojú Ẹnìkan Lé Ti Ẹlòmíràn

Àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí àwa wà ní ilé-ìwé, bí a bá rí fọ́tò ẹnìkan, a gbà láìjiyàn pé ẹni náà ti dúró níwájú kámẹ́rà. Lónìí, fóònù tí ó wà lọ́wọ́ ọmọdé lè mú ojú ẹnìkan kí ó sì gbé e lé orí ọrùn ẹlòmíràn. Iṣẹ́ yìí wúlò fún ayafọ́tò tí ó ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àná, tí ó wá rí i pé ẹnìkan dijú nínú fọ́tò tí ó dára jù. Yóò mú ojú tí ó là láti inú fọ́tò mìíràn wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ẹlẹ́tàn ń gbà láti fi ojú ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún bo ti ara rẹ̀, kí ó tó wá tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn òbí. Ẹni tí ó bá mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ ni yóò mọ ibi tí ó yẹ kí òun wò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a tọ̀ ọ́ ní ẹsẹẹsẹ. Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ wa lójú, èmi yóò máa pe èyí tí a fi ń ríran ní ẹyinjú, èmi yóò sì máa pe gbogbo iwájú orí ní ojú.

1. Wíwá àwọn àmì

Kọ̀ǹpútà kò mọ ohun tí ó ń jẹ́ imú tàbí ẹnu. Ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹyọ àwọ̀ tín-ín-tín tí a tò ní ìlà-ìlà, èyí tí a ń pè ní píksẹ́lì. Nọ́ńbà méjì ni a fi ń mọ ipò ẹyọ kọ̀ọ̀kan: èkíní ń sọ bí ó ti jìnnà tó sí etí òsì àwòrán, èkejì ń sọ bí ó ti jìnnà tó sí etí òkè. Bí nọ́ńbà kejì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni a ṣe ń sọ̀kalẹ̀.

Ètò kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò fún iṣẹ́ yìí ni dlib. Yóò kọ́kọ́ fi àpótí onígun mẹ́rin yí ojú ká, lẹ́yìn náà ni yóò to àmì 68 sí i. Àmì wọ̀nyí kì í ṣe ilà bí àbàjà tàbí pélé, tí ẹnìkan ní tí ẹlòmíràn kò ní. Ibi tí gbogbo ojú ènìyàn ní ni wọ́n ń tọ́ka sí. Àmì 1 dé 17 tẹ̀lé eteetí àgbọ̀n láti ẹ̀bá etí kan dé èkejì. 18 dé 27 wà lórí irun òkè ẹyinjú, 28 dé 36 wà lórí imú, 37 dé 48 yí ẹyinjú méjèèjì ká ní mẹ́fà-mẹ́fà, 49 dé 68 sì wà ní ẹnu.

Ọ̀nà tí ètò yìí ń gbà wá wọn ni Vahid Kazemi àti Josephine Sullivan gbé jáde ní Stockholm, ní ilẹ̀ Súwídìn, ní ọdún 2014. Kò bẹ̀rẹ̀ láti inú òfo. Ó ní ojú àpapọ̀ kan lọ́wọ́, èyí tí a rí nípa pípín ipò àmì dọ́gba lórí ọ̀pọ̀ ojú tí àwọn ènìyàn ti fi ọwọ́ sàmì sí. Yóò gbé ojú àpapọ̀ yìí sínú àpótí náà, yóò sì máa béèrè àwọn ìbéèrè kéékèèké: ǹjẹ́ ẹyọ tí ó wà níhìn-ín dúdú ju èyí tí ó wà lọ́hùn-ún lọ? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan a máa ti àwọn àmì náà síwájú díẹ̀, títí wọn yóò fi sún mọ́ ojú tí ó wà nínú fọ́tò náà gan-an.

Nọ́ńbà orí àwọn àmì náà ni ọkàn iṣẹ́ yìí. Àmì 37 jẹ́ igun ìta ẹyinjú ọ̀tún ẹni náà, lórí ojú ọmọdé àti lórí ojú arúgbó. Nítorí náà, bí a bá ti sàmì sí ojú méjì, kò sí ìdí láti tún béèrè èwo ló bá èwo mu: 37 bá 37 lọ, 49 bá 49 lọ.

2. Títo ojú méjèèjì

Ẹni tí ó bá ti rí télọ̀ tí ń rán àǹkárá mọ̀ pé kì í kàn gé e kí ó sì rán an. Yóò kọ́kọ́ mú òdòdó ti apá kan bá ti apá kejì, yóò sì fi abẹ́rẹ́ kan wọ́n mọ́ra. Irú ìtòpọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó kàn. Kì í ṣe ohun tuntun: ní ọdún 1878, Francis Galton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé fọ́tò àpapọ̀ tí ó fi ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe jáde, ipò ẹyinjú ni ó sì fi tò wọ́n léra.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àpẹẹrẹ kan. Nínú fọ́tò kìn-ín-ní, àárín ẹyinjú tí ó wà lápá òsì wa wà ní (120, 200), ti apá ọ̀tún wa sì wà ní (200, 200). Orí ẹni náà dúró ṣánṣán, àlàfo tí ó wà láàárín ẹyinjú méjèèjì sì jẹ́ 80. Nínú fọ́tò kejì, ẹni náà fi orí sí ẹ̀gbẹ́: ẹyinjú kan wà ní (300, 260), èkejì sì wà ní (420, 310). Láti ọ̀kan dé èkejì, a rin 120 sí ọ̀tún, a sì sọ̀kalẹ̀ ní 50. Òfin Pythagoras tí a kọ́ ní kíláàsì fi yé wa pé àlàfo náà jẹ́ 130.

Ohun mẹ́ta ni a ní láti ṣe fún ojú kìn-ín-ní. A ó mú un tóbi ní ìlọ́po 1.625, nítorí pé ìyẹn ni 130 tí a fi 80 pín. A ó yí i ní nǹkan bí dígírì 22.6, kí ó lè tẹ̀ bí èkejì ti tẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó ṣí i nípò títí ẹyinjú yóò fi bọ́ sórí ẹyinjú. Ìlà méjì yìí ni ó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀:

```
x' = 1.5x - 0.625y + 245
y' = 0.625x + 1.5y - 115
```

Ẹ fi (120, 200) sí i, ẹ ó rí (300, 260). Ẹ fi (200, 200) sí i, ẹ ó rí (420, 310). Ẹyinjú méjèèjì ti bọ́ sí ipò wọn.

Ṣùgbọ́n ẹnu ń kọ́? Àárín ẹnu nínú fọ́tò kìn-ín-ní wà ní (160, 290). Ìlànà wa gbé e lọ sí nǹkan bí (304, 420), ṣùgbọ́n ẹnu ẹni kejì gan-an wà ní (310, 405). Ẹnu tí a gbé wá ti fi nǹkan bí píksẹ́lì 16 kọjá sí ìhà àgbọ̀n. Ojú ẹni kejì kúrú ju ti ẹni kìn-ín-ní lọ, yíyí àti mímú tóbi kò sì lè sọ ojú gígùn di kúkúrú.

Ní tòótọ́, àwọn ètò tí ó dára kì í gbára lé ẹyinjú nìkan. Wọ́n a máa kó gbogbo àmì pọ̀, wọn a sì wá ìtóbi, yíyí àti ipò kan ṣoṣo tí àpapọ̀ àṣìbọ̀ yóò fi kéré jù. Wọ́n sọ ìlànà yìí ní orúkọ Procrustes, ọkùnrin inú ìtàn Gíríìkì tí ó ń fa àlejò gùn tàbí tí ó ń gé e kúrú kí ó lè bá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ mu. Síbẹ̀, orúkọ náà le ju ìṣe rẹ̀ lọ: ìlànà náà kàn ń pín àṣìbọ̀ káàkiri ni, kò yí ìrísí ojú padà. Fífà àti gígé gan-an ṣì wà níwájú.

3. Fífà ojú ní onígun mẹ́ta-mẹ́ta

Láti fa ojú kan kí ó bá èkejì mu, kọ̀ǹpútà yóò fi ìlà so àwọn àmì pọ̀ títí gbogbo ojú yóò fi di onígun mẹ́ta kéékèèké. Boris Delaunay, ará Rọ́ṣíà, ni ó gbé ìlànà ìsopọ̀ tí a ń lò jáde ní 1934; ó ń yẹra fún onígun mẹ́ta tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ojú kan ṣoṣo ni a ó ti ṣe ìsopọ̀ náà, nọ́ńbà kan náà ni a ó sì fi so ti èkejì. Bí a bá ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àmì mẹ́ta tí ó para pọ̀ níhìn-ín lè má para pọ̀ lọ́hùn-ún, ojú yóò sì ya bí aṣọ.

Ó dà bí awọ ìlù tútù tí a fi èèkàn kàn mọ́lẹ̀. Bí èèkàn ẹnu bá gòkè ní 16, awọ tí ó yí i ká yóò bá a gòkè, ṣùgbọ́n ibi tí èèkàn ẹyinjú wà kò ní mira.

Níhìn-ín, kọ̀ǹpútà a máa ṣiṣẹ́ láti ẹ̀yìn wá. Kì í ti ẹyọ àwọ̀ láti fọ́tò kìn-ín-ní lọ sí èkejì, nítorí pé ihò yóò wà níbi tí awọ ti fẹ̀. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú fọ́tò kejì ni yóò mú, yóò sì béèrè ibi tí àwọ̀ rẹ̀ ti wá. Bí ẹyọ kan bá gba ìlàjì ipò rẹ̀ lọ́wọ́ igun kan, tí ó sì gba ìdá mẹ́rin-mẹ́rin lọ́wọ́ igun méjì yòókù, ìpín kan náà ni a ó fún igun mẹ́ta ti fọ́tò kìn-ín-ní. Ibi tí ìṣirò náà bá já sí ni a ó ti bu àwọ̀ wá.

4. Ibi tí àṣírí ti ń tú

Àìlera àkọ́kọ́ ni pé ètò náà kì í sọ pé òun kò rí. Nítorí pé láti ojú àpapọ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, àmì 68 ni yóò mú wá nígbà gbogbo, ìbáà jẹ́ pé ọwọ́ bo ẹnu tàbí pé orí yí débi pé ẹyinjú kan fara pamọ́. Èyí tí kò rí, ó fojú bù ú ni. Oníṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ a máa ya àwọn àmì náà sórí fọ́tò kí ó tó tẹ̀síwájú, yóò sì wò ó bóyá igun ẹyinjú wà ní igun ẹyinjú lóòótọ́.

Èkejì ni pé fífà kò lè dá ohun tí kò sí. Bí ẹnu kan bá pa dé, tí èkejì sì ń rẹ́rìn-ín, kò sí eyín tí a lè bù wá. Ètè nìkan ni yóò fẹ̀ bo àlàfo náà.

Ẹ̀kẹta ni pé àmì 68 kò kọjá irun òkè ẹyinjú. Kò sí àmì ní iwájú orí tàbí ní etí. Nítorí náà, bí ẹ bá fura sí fọ́tò tàbí fídíò kan, ẹ wo ààlà: ǹjẹ́ àwọ̀ iwájú orí bá ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ mu? Ǹjẹ́ eteetí àgbọ̀n ń mì nígbà tí ẹni náà bá yí orí? Ǹjẹ́ ẹsẹ̀ gíláàsì rẹ̀ já kí ó tó dé etí? Bí ẹ kò bá rí àṣìṣe, ìyẹn kò fi hàn pé fọ́tò náà jẹ́ òtítọ́, nítorí pé ọwọ́ tí ó já fáfá lè bo ààlà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i, ẹ má fi owó ránṣẹ́.

Ìdánrawò

Góńgó imú nínú fọ́tò kìn-ín-ní wà ní (160, 245). Ti fọ́tò kejì wà ní (335, 345). Níbo ni ìlànà wa yóò gbé imú kìn-ín-ní lọ, kí sì ni àṣìbọ̀ rẹ̀ ń sọ fún wa?

Ìdáhùn: yóò lọ sí nǹkan bí (332, 353). Ó fi nǹkan bí píksẹ́lì 8 kọjá ààyè rẹ̀, èyí tí í ṣe ìlàjì àṣìbọ̀ ẹnu. Imú náà sì wà ní ìlàjì ọ̀nà láti ẹyinjú dé ẹnu. Bí àṣìbọ̀ bá ń pọ̀ sí i bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ báyìí, gígùn ojú méjèèjì ni ó yàtọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé iye kan náà ni imú àti ẹnu fi ṣì bọ́, sí apá kan náà, àmì ẹyinjú ni ó yẹ kí a padà lọ yẹ̀ wò.