Òòyì Tó Ń Kọ́ Àgbà Nígbà Tó Bá Dìde

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní òbí àgbà tí òòyì máa ń kọ́ bó bá dìde lórí ibùsùn láti lọ ṣe àlùwàlá Àsùbáà. Ojú á ṣú u, á di ògiri mú, kò ní pẹ́ tí ara á fi balẹ̀. Lọ́jọ́ tí kò bá rí ògiri dì mú, ó lè ṣubú kí egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán.

Bí a bá dìde, ẹ̀jẹ̀ máa ń wọ́ lọ sí ẹsẹ̀. Nínú ara ọ̀dọ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ á tètè súnkì, ọkàn á sì yára lù, kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ọpọlọ. Ara àgbà kì í yára bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí omi ara bá wá dín kù, tàbí tí oògùn bá dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀, ojú á ṣú.

Ẹ jẹ́ ká fi bàbá ẹni ọdún 72 kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú èèyàn tọ̀ púpọ̀. Ní alẹ́, ó ń lo òmíràn nítorí ìtọ̀ tí kì í dà dáadáa, èyí náà sì máa ń dẹ iṣan ẹ̀jẹ̀. Kò sì ń mu omi mọ́ lẹ́yìn ìrun Àsárì, kó má baà máa jí lóru. Nọ́ọ̀sì ní kó dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, ó wọn ìfúnpá rẹ̀, ó jẹ́ 148/84. Nígbà tó dúró fún ìṣẹ́jú 3, ó di 118/74. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 wálẹ̀, tàbí ti ìsàlẹ̀ fi 10, láàárín ìṣẹ́jú 3, ìṣòro náà nìyẹn. Ká ní orí ìjókòó nìkan ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọn ì bá má mọ̀.

Kí bàbá má ṣe dá oògùn dúró fúnra rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru lè fa àrùn rọpá-rọsẹ̀. Kí a kó gbogbo oògùn rẹ̀ lọ bá dókítà, òun ni yóò dín in kù tàbí yí àkókò rẹ̀ padà. Kí ó máa mu omi díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀. Ẹni tó ní àrùn ọkàn tàbí kídìnrín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ìwọ̀n omi tó yẹ ẹ́. Bí ààwẹ̀ bá ń bọ̀, kí a ti rí dókítà ṣáájú.

Bó bá jí, kó kọ́kọ́ jókòó sí etí ibùsùn fún ìṣẹ́jú 1 sí 2, kó máa gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ àti gìgísẹ̀ sókè-sílẹ̀ nígbà bíi 15. Lẹ́yìn náà kó di nǹkan tó lágbára mú, kó dìde, kó dúró díẹ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀. Bí òòyì bá kọ́ ọ, kó padà jókòó kíá. Bó bá jẹ́ pé ìdìde láti ìforíkanlẹ̀ ló ń dà á láàmú, kó lo àga láti kírun, ẹ̀sìn gbà á fún ẹni tí kò lè dúró.

Bó bá dákú, tí àyà ń dùn ún, tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tí apá kan kò ṣiṣẹ́, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.